Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Nọ́ńbà Ara Páálí Di Ọ̀rọ̀ Tí Oníbàárà Ń Wá: Kíkọ Àlàyé Ọjà fún Ṣọ́ọ̀bù Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà máa ń bi mí: "Mo ti kọ gbogbo ohun tó wà lára páálí sábẹ́ àwòrán ọjà mi, kí ló dé táwọn èèyàn ń wò ó tí wọn ò rà á?"

Ẹni tó ṣe ọjà ló kọ ohun tó wà lára páálí, ohun tí ọjà náà jẹ́ ló sì ń sọ. Ẹni tó fẹ́ rà á ń wá ohun tí ọjà náà máa ṣe fún òun. Àbùdá ni ẹ pe ti àkọ́kọ́, ẹ pe èkejì ní àǹfààní. Iṣẹ́ òǹtajà ni láti gbéra láti ọ̀kan dé èkejì láìpurọ́ lójú ọ̀nà.

Láyé òṣómàáló, ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ máa ń gbé ẹrù rẹ̀ dé. Oníbàárà á fọwọ́ pa aṣọ náà, á nà án sójú oòrùn, á bèèrè bóyá ó máa ń ṣí. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ pa nǹkan kan. Ohun tí ọwọ́ ì bá dáhùn, àlàyé yín ló gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀.

Ọjà kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀: páwà báńkì tí wọ́n kọ 20,000mAh sí lára, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù Lágere ń rà. Mo yàn án nítorí pé nọ́ńbà ló kún ara rẹ̀, nọ́ńbà ló sì máa ń ṣòro jù láti sọ di àǹfààní. Ẹni tó bá lè kọ àlàyé páwà báńkì á lè kọ ti bàtà.

## Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀

- Ọjà náà gan-an lọ́wọ́ yín. Àwòrán tí alágbàtà fi ránṣẹ́ kò tó.
- Páálí rẹ̀ àti ìwé kékeré tó wà nínú rẹ̀.
- Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà ti kọ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.
- Òṣùwọ̀n kékeré, irú tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun.
- Fóònù kan tí ẹ mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe tóbi tó.
- Bébà àti bírò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ìbéèrè oníbàárà kẹ́ ẹ tó ka páálí

Ẹ ṣí WhatsApp yín, kí ẹ wá gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bèèrè nǹkan nípa irú ọjà yìí. Ẹ dà á kọ sínú bébà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe. Ní ti páwà báńkì, ohun tí ẹ máa rí kò ní jìnnà sí èyí:

- "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ṣájì fóònù mi?"
- "Ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó kún? NÉPÀ àdúgbò wa ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé."
- "Ṣé kì í ṣe ayédèrú? Èyí tí mo rà lọ́jọ́sí, kò lo oṣù kan."
- "Ṣé ó lè gbé láàpútọ́ọ̀pù?"
- "Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Iléṣà?"

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó bèèrè nípa USB-C. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye wáàtì. Síbẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ òǹtajà máa ń kọ sí ìlà àkọ́kọ́.

Bí ọjà náà bá jẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè nípa rẹ̀, ẹ mú un lọ bá ẹni mẹ́ta tó lè rà á, kí ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ bèèrè ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn, torí bẹ́ ẹ bá ti ṣàlàyé, ìbéèrè tiyín ni wọ́n máa bi yín padà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to àbùdá rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò

Níbí ni àlàyé tó dáa ti ń yàtọ̀ sí ariwo. Ẹ ò lè sọ àǹfààní ohun tí ẹ kò mọ̀, páálí kì í sì í sọ gbogbo òótọ́.

Ẹ kọ àbùdá rẹ̀ sílẹ̀: 20,000mAh, 18W, ojú ihò méjì tí iná ń gbà jáde, ihò USB-C tí iná ń gbà wọlé, iná kéékèèké mẹ́rin tó ń sọ iye tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 20,000 yẹn, torí ibẹ̀ ni ìjà òǹtajà àti oníbàárà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tí bátìrì fóònù rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh á pín 20,000 sí 5,000, á sì rí mẹ́rin. Á rà á, á lò ó, kò ní rí mẹ́rin, á ní ẹ ti lu òun ní jìbìtì. Bẹ́ẹ̀, ọjà náà lè máà jẹ́ ayédèrú rárá. Inú bátìrì tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ka 20,000 yẹn, níbi tí agbára iná ti jẹ́ fólítì 3.7. Kó tó lè wọ inú fóònù, ó gbọ́dọ̀ di fólítì 5 kó tó jáde:

```
20,000 × 3.7 ÷ 5 = 14,800
```

Nínú 14,800 yẹn náà, díẹ̀ máa bá ooru lọ nígbà tó bá ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí nọ́ńbà kejì lẹ́yìn páálí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, tí wọ́n kọ wínníwínní, bíi 12,000mAh tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà kékeré yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́. Fóònù náà tún máa pàdánù díẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná sínú. Ohun tí ẹ máa rí lọ́wọ́ níkẹyìn jẹ́ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì àtààbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò lè dé mẹ́rin.

Ẹ dán an wò báyìí:

1. Ẹ ṣájì páwà báńkì náà títí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi tàn tí wọn ò ní máa ṣẹ́jú mọ́. Ẹ kọ aago tí ẹ so ó mọ́ iná àti aago tó kún.
2. Ẹ jẹ́ kí bátìrì fóònù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹ wá pa fóònù náà, kó má baà máa jẹ iná nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán an wò.
3. Ẹ ṣájì fóònù náà kún láti ara páwà báńkì. Ẹ kọ wákàtí tó gbà.
4. Ẹ lo fóònù náà títí tó fi tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹ tún un ṣájì. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí páwà báńkì á fi kú.
5. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n.

Ó máa gbà yín lọ́jọ́ mélòó kan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ṣe é fún irú ọjà kan, ohun tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù míràn tó ní in.

Ìkìlọ̀ nípa òṣùwọ̀n. Bátìrì tó lè gba 20,000mAh gbọ́dọ̀ wúwo. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó sábà máa ń tó nǹkan bí 350 gíráàmù sókè, fóònù lásán kì í sì í ju nǹkan bí 200 lọ. Bí páwà báńkì tí wọ́n kọ 20,000 sí lára bá fúyẹ́ bíi fóònù, tàbí tí èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí bá wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ dá a padà fún alágbàtà. Kò sí àlàyé tó lè gba irú ọjà bẹ́ẹ̀ là, orúkọ yín ló sì máa bà jẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bi àbùdá kọ̀ọ̀kan pé "Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?"

Ẹ gba ipò oníbàárà. Ẹ mú àbùdá kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè yìí, kí ẹ dáhùn, kí ẹ tún bi ìdáhùn náà. Ẹ máa bi í lọ títí ẹ ó fi kan ohun tí èèyàn lè rí lójú, tàbí tó lè fọwọ́ kà, nínú ọjọ́ rẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, ẹ dúró.

Ẹ wo ti 18W:

- Ó ń gba iná 18W sínú. *Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?*
- Ó tètè ń kún ju èyí tó ń gba 10W. *Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?*
- Wákàtí bíi mẹ́fà ló fi ń kún, ti 10W á tó mẹ́wàá. *Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?*
- Bí NÉPÀ bá mú iná wá fún wákàtí mẹ́ta péré kí wọ́n tó mú un lọ, iná tó ti wọ inú rẹ̀ tó láti ṣájì fóònù kún lẹ́ẹ̀kan, á sì tún ṣẹ́kù.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé Mọ́dákẹ́kẹ́ tàbí ẹ̀yìn Sábó, tó ń fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n máa mú iná wá lálẹ́, kò nílò kẹ́ ẹ tún ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ ń sọ.

Àwọn míì kì í dúró. Wọ́n á máa lọ títí wọ́n á fi kọ "ìgbésí ayé yín á rọrùn" tàbí "ọkàn yín á balẹ̀". Bátìrì lè sọ bẹ́ẹ̀, ọṣẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, ìkòkò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí gbólóhùn kan bá ṣe é gbé sábẹ́ ọjà mìíràn láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró. Ẹ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan.

Ẹ wo ti ojú ihò méjì: ó ń ṣájì fóònù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé tiyín àti ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ò ní máa dúró de ara wọn. Ó ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, torí nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí fóònù méjì bá ti wà lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì á falẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ti USB-C ńkọ́? Ó ń lo wáyà kan náà pẹ̀lú fóònù tuntun, kò sídìí láti gbé wáyà méjì. Àǹfààní ni, àmọ́ ó kéré. Ìlà kan péré ni kó gbà.

Iná kéékèèké mẹ́rin náà ń sọ iye tó kù. Oníbàárà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sínú àtòkọ ìsàlẹ̀, ẹ má ta ọ̀rọ̀ sí i lórí.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan mẹ́ta, kí ẹ kó ìyókù sísàlẹ̀

Gbogbo àǹfààní kọ́ ló yẹ kó wà lókè. Ẹ gbé bébà ìgbésẹ̀ 1 àti ti ìgbésẹ̀ 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àǹfààní tó bá dáhùn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bèèrè jù lọ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ mú méjì sí i. Ní ti ọjà wa yìí: iye ìgbà tó ń ṣájì fóònù, iye iná NÉPÀ tó nílò, àti ẹ̀rí pé kì í ṣe ayédèrú.

Mo ti rí àlàyé tí wọ́n to àǹfààní méjìlá sí, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Oníbàárà tó ń ka fóònù nínú ọkọ̀ kò ní dé ìkẹta.

Àbùdá tó kù kò di ìdọ̀tí o. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá máa wo nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ ló sì ń tẹ "20,000mAh" gan-an sínú àpótí ìṣàwárí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà wà nínú orúkọ ọjà, kó sì tún wà nínú àtòkọ ìsàlẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ọ́ ní ìtòtẹ̀léra yìí

1. Orúkọ. Ohun tó jẹ́ ni kó ṣáájú, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá a ni kó tẹ̀ lé e, kí àǹfààní tó tóbi jù gbẹ̀yìn. Ojú fóònù máa ń gé orúkọ tó bá gùn, ẹ má fi "Ọjà tuntun dé!" ṣáájú.
2. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù, pẹ̀lú ohun tí ẹ fojú ara yín rí.
3. Àǹfààní méjì tó kù, ìpínrọ̀ kúkúrú kọ̀ọ̀kan.
4. Ohun tí kò lè ṣe.
5. Àtòkọ àbùdá.
6. Owó, bó ṣe máa dé ọwọ́ wọn, àti ohun tí ẹ máa ṣe bó bá bàjẹ́.

Ìkẹrin ni àwọn òǹtajà máa ń bá mi jà lé lórí. Wọ́n ní ṣé kí àwọn fẹnu ara àwọn lé oníbàárà lọ ni. Ẹ gbọ́ mi: ẹni tó fẹ́ fi ṣájì láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ kò sọ fún pé kò ṣe é ṣe máa rà á, á dá a padà, ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀, á sì tún sọ fún àwọn ará yàrá rẹ̀. Ẹni tó kù tó ń kà á, tí kò ní láàpútọ́ọ̀pù, máa rí i pé ẹni tó sọ ohun tí ọjà rẹ̀ kò lè ṣe kò ní parọ́ nípa ohun tó lè ṣe.

### Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀

> Páwà báńkì 20,000mAh, 18W, USB-C, ojú ihò méjì, iná LED. Ojúlówó ni, ó lágbára gan-an, kò lẹ́gbẹ́! Ó máa ṣájì fóònù yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ tètè rà á kó tó tán. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ kẹ́ ẹ lè gbọ́ iye owó.

### Bó ṣe yẹ kó rí

> Páwà báńkì 20,000mAh: ó ń ṣájì fóònù kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ń ṣẹ́kù
>
> Bí ẹ bá máa ń ṣájì fóònù yín lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, èyí á gbé yín fún ọjọ́ méjì gbáko láìsí NÉPÀ. A fi fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh dán an wò: ó ṣájì rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbé e kọjá ìdajì kó tó kú.
>
> Kò dìgbà tí iná bá wà látàárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá mú iná wá fún wákàtí mẹ́ta, ohun tó máa gbà sínú ti tó láti ṣájì fóònù kan kún. Kó tó kún tán, ó gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú orí ṣájà 18W. Bí orí ṣájà yín bá jẹ́ 10W, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́wàá.
>
> Ẹ lè gbé e lé òṣùwọ̀n bó bá dé ọwọ́ yín: 410 gíráàmù ni. Ayédèrú máa ń fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ìwúwo rẹ̀, inú àpò ìwé ló dáa sí, kò wọ àpò ṣòkòtò.
>
> Ohun tí kò lè ṣe: kò lè gbé láàpútọ́ọ̀pù tàbí fáànù ńlá. Bí ẹ bá so fóònù méjì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì á ṣájì, ṣùgbọ́n wọ́n á falẹ̀.
>
> Àbùdá: 20,000mAh (12,000mAh ló ń jáde), 18W, ihò ìjáde méjì, USB-C ló ń gbà wọlé, iná mẹ́rin tó ń sọ iye tó kù, wáyà kan wà nínú páálí, ẹ lè gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú nínú àpò ọwọ́.
>
> Owó: ₦____. Bó ṣe máa dé ọwọ́ yín: ní Ifẹ̀, lọ́jọ́ kan náà bí ẹ bá sanwó kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán. Ní Iléṣà, lọ́jọ́ kejì, ẹ máa gbà á ní gáréèjì. Bó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje, ẹ mú un padà, a ó fún yín ní òmíràn.

Ẹ wo bí "lẹ́ẹ̀mẹ́rin" ṣe di "lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ń ṣẹ́kù". Nọ́ńbà náà kéré sí i, àmọ́ oníbàárà máa dé ilé, á rí i pé ó ju ohun tí ẹ ṣèlérí lọ. Nígbà tí ohun tí ẹ rí bá wà láàárín nọ́ńbà méjì, èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ kọ.

Ìlà ọkọ̀ òfúrufú yẹn, ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi 20 dípò 20,000 (ẹ pín in sí 1,000), kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, ẹ máa rí 74. Wáàtì-wákàtí nìyẹn, àwọn ọkọ̀ òfúrufú sì máa ń gba èyí tí kò bá ju 100 lọ láìní kí èèyàn tọrọ àyè, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀. Mo fi sísàlẹ̀ nítorí pé àwọn tó máa nílò rẹ̀ lára oníbàárà Ifẹ̀ kò pọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò, òkè ló yẹ kó wà.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

"Ojúlówó ni" láìsí ẹ̀rí. Ẹni tó ń ta ayédèrú náà ń kọ ọ́. Ẹ kọ ohun tí oníbàárà fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ wò: ìwúwo, nọ́ńbà kejì tó wà lẹ́yìn páálí, ọjọ́ tó ní láti dá a padà.

Kíkọ "ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ kẹ́ ẹ lè gbọ́ iye owó." Owó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí oníbàárà ń bèèrè. Ẹni tí kò bá rí i á lọ síbi tó ti rí i.

Àǹfààní tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àlàyé tí wọ́n kọ sí orílẹ̀-èdè míì máa ń sọ nípa rírìn nínú òkìtì yìnyín tàbí wíwọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ má dà á kọ. Àkókò ìdánwò ní OAU, òru tí iná lọ, ọjọ́ ọjà, ìrìn-àjò Ifẹ̀ sí Ìbàdàn: ibẹ̀ ni oníbàárà yín ń gbé.

Ìlérí tí òfin kò fàyè gbà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà ka ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà sí ẹ̀ṣẹ̀, àjọ FCCPC ló sì ń mójú tó o. Ó kan ẹni tó ń tà lórí WhatsApp náà. Bí ẹ bá ń ta ọṣẹ dúdú, ìpara tàbí àgbo, ẹ ṣọ́ra gidigidi: "ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò láìmú ara gbẹ" jẹ́ àǹfààní tí ẹ lè dán wò, ṣùgbọ́n "ó ń wo làpálàpá sàn" ti di ọ̀rọ̀ oògùn, NAFDAC ló sì ní àṣẹ lórí ìyẹn.

## Bí ọjà yín bá yàtọ̀

Ní ti aṣọ, ìdánwò yín máa wà lọ́dọ̀ télọ̀. "Ọ̀pá márùn-ún" jẹ́ àbùdá. Ẹ gbé aṣọ náà lọ bá télọ̀ tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ bèèrè ohun tó lè rán jáde nínú rẹ̀ fún ẹni tó sanra díẹ̀, torí òun ni aṣọ kì í sábà tó. Ìdáhùn rẹ̀ ni àǹfààní. Bó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹ gé ègé kékeré kan lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ kọ bó ṣe ṣí sí àti bó ṣe yẹ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́: lọ́tọ̀, kí wọ́n sì sá a síbòji. Oníbàárà tó ń bẹ̀rù pé aró máa ran aṣọ funfun òun ló ń ka ìlà yẹn.

Ní ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà. Mẹkáníìkì tó ń wá páàtì kò fẹ́ gbọ́ ìtàn. Nọ́ńbà páàtì náà àti orúkọ ọkọ̀ tó bá mu ni àǹfààní fún un, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kó ra èyí tí kò bá a mu. Ẹ gbé nọ́ńbà sókè, kẹ́ ẹ kọ ọdún ọkọ̀ tó bá mu àti èyí tí kò bá mu.

Bó bá jẹ́ orí WhatsApp nìkan lẹ ti ń tà, orúkọ, gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, ohun tí kò lè ṣe, àti owó ti tó. Ẹ kọ ìyókù pa mọ́ síbì kan, kẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó bá bèèrè.

## Kẹ́ ẹ tó gbé e síta

- Ẹ kà á sókè lórí fóònù. Ibi tí èémí yín bá ti já, gbólóhùn yẹn ti gùn jù.
- Ẹ fún ẹnìkan tí kò mọ ọjà náà kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé kí lọjà náà máa ṣe fún un. Bó bá sọ nọ́ńbà fún yín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3.
- Ẹ wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n, àbí páálí ló sọ ọ́? Bó bá jẹ́ páálí ni, ẹ kọ pé olùṣe ló sọ bẹ́ẹ̀.
- Ẹ wò ó bóyá owó àti bó ṣe máa dé ọwọ́ wọn wà níbẹ̀.

## Lẹ́yìn tó bá ti wà níta

Ẹ máa ka ohun tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́. Bí ẹni mẹ́ta bá ṣì ń bèèrè ohun tí ẹ ti kọ, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí ti jìnnà jù, ẹ gbé e sókè. Bí wọ́n bá ń bèèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ fi kún un. Bí wọ́n bá ń dá ọjà padà fún ìdí kan náà, ìlà "Ohun tí kò lè ṣe" ló kù díẹ̀ káàtó.

Nígbàkúùgbà tí alágbàtà bá kó ọjà tuntun wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páálí kan náà ló wà nínú rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan jáde, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tún un dán wò. Wọ́n lè pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀ láìyí páálí padà. Bí ìwúwo rẹ̀ bá ti dín kù, ẹ yọ àlàyé àtijọ́ kúrò lójú ìwé títí ẹ ó fi mọ ohun tí tuntun yìí lè ṣe.